Owó Kò Tíì Pé Ọjọ́: Lẹ́tà sí Ẹgbẹ́ Alájẹṣẹ́kù

Ọ̀pọ̀ lẹ́tà tí àwọn èèyàn ń kọ láti gba owó wọn ṣáájú ọjọ́ nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kì í ju ìlà mẹ́ta lọ. Ẹni náà á kí ìgbìmọ̀, á ní nǹkan ṣẹlẹ̀ sí òun, á ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n kó owó òun fún òun. Akọ̀wé á gba ìwé náà, á kà á lẹ́ẹ̀mejì, kò sì ní mọ ohun tí yóò gbé síwájú ìpàdé. Kò sí ojú ìwé kankan nínú lẹ́jà tí wọ́n kọ “owó mi” sí. Ohun tó wà níbẹ̀ ni ìpín, ìfipamọ́ oṣooṣù, ìfipamọ́ àdéhùn, gbèsè, àti orúkọ àwọn tí a dúró fún. Lẹ́tà tí kò bá sọ èyí tó ń bá wí nínú wọn, yóò wà nínú fáìlì títí ẹnì kan yóò fi béèrè rẹ̀.

Ẹni tó ti bá alájọ ṣe rí ló sábà máa ń kọ irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ alájọ kò le. Bí o bá ń dá àjọ ojoojúmọ́, tí o sì sọ ní ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù pé o fẹ́ owó rẹ, alájọ á yọ owó ọjọ́ kan tó jẹ́ tirẹ̀, á sì ka ìyókù fún ọ. Alájọ tó bá ń ṣe é bó ṣe yẹ kò yá ẹnikẹ́ni lówó yẹn. Ó kàn ń bá ọ tọ́jú rẹ̀ ni. Ti ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kò rí bẹ́ẹ̀. Owó tí o san ní ìpàdé oṣù yìí, ó lè jẹ́ pé kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti di ẹ̀yáwó lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ fi ra ọjà tàbí tó fẹ́ fi kan òrùlé. Nítorí náà, ẹni tó bá béèrè owó ṣáájú ọjọ́ ń ní kí ẹgbẹ́ wá owó tó ti jáde nílé. Ibi tí ìgbìmọ̀ ti ń wo ọ̀rọ̀ náà nìyẹn, ibẹ̀ náà ló sì yẹ kí lẹ́tà ti bẹ̀rẹ̀.

Àpò mẹ́ta ni a gbọ́dọ̀ yà sọ́tọ̀ kí a tó mú bírò. Èkíní ni ìpín, owó tí a fi ra ẹ̀tọ́ láti jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́. Ní ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́, a kì í gba ìpín padà níwọ̀n ìgbà tí a bá ṣì wà nínú ẹgbẹ́. Ẹni tó bá ń lọ lè gbé e fún ọmọ ẹgbẹ́ mìíràn, ìgbìmọ̀ á sì fọwọ́ sí i. Èkejì ni ìfipamọ́ oṣooṣù, èyí tí a ń san títí, tí kò ní ọjọ́ ìparí. Òun ni wọ́n fi ń díwọ̀n ẹ̀yáwó: ní ẹgbẹ́ púpọ̀, ìlọ́po méjì rẹ̀ ni èèyàn lè yá. Ẹ̀kẹta ni ìfipamọ́ àdéhùn, tí àwọn mìíràn ń pè ní tágẹ́ẹ̀tì tàbí owó ọdún. Ó ní iye, ó ní ọjọ́, ó sì sábà máa ń ní èlé tàbí ẹ̀bùn fún ẹni tó bá san án dé òpin. Ìkẹta yìí ni lẹ́tà wa dá lé. Bí ẹ bá kọ lẹ́tà tí kò dárúkọ rẹ̀, akọ̀wé lè rò pé ìfipamọ́ oṣooṣù lẹ ń béèrè, èyí tó so mọ́ gbèsè, yóò sì kọ̀ fún yín nígbà tó yẹ kó gbà.

Ẹ jẹ́ ká mú obìnrin kan tó ń ta aṣọ ní Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́, ká sì fi ìṣirò rẹ̀ ṣe àpẹẹrẹ. Iye tí mo fẹ́ lò wà fún àlàyé nìkan. Ìwé òfin ẹgbẹ́ yín ni yóò sọ tiyín. Ìpín rẹ̀ jẹ́ ₦20,000. Ìfipamọ́ oṣooṣù rẹ̀ ti di ₦180,000. Láti oṣù kìíní ọdún, ó ń san ₦15,000 lóṣù sí ìfipamọ́ àdéhùn tí yóò parí ní oṣù kejìlá, ó sì ti san oṣù méje, ìyẹn ₦105,000. Ó jẹ ẹgbẹ́ ní gbèsè tó ku ₦90,000, ó ń san ₦15,000 padà lóṣooṣù. Òun àti ẹlòmíràn jọ dúró fún ọmọ ẹgbẹ́ kan tí gbèsè tirẹ̀ ku ₦120,000. Owó ìsọ̀ rẹ̀ yóò pé ní ìparí oṣù kẹjọ, owó tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sì fi ₦80,000 dín.

Ohun àkọ́kọ́ tó máa wá sí i lọ́kàn ni pé òun ní ju ₦300,000 lọ nínú ẹgbẹ́, kí ló dé tí wọn ò ní fún òun ní ₦80,000? Bó bá fi ọkàn yẹn kọ lẹ́tà, ó ti ṣìnà. Òfin àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, èyí tí ìjọba ti kọ́kọ́ ṣe ní Nàìjíríà láti 1935, tí wọ́n sì ti tún ṣe lọ́pọ̀ ìgbà, fún ẹgbẹ́ ní ẹ̀tọ́ lórí owó ọmọ ẹgbẹ́ tó bá jẹ ẹ́ ní gbèsè. Ẹgbẹ́ lè fi ìfipamọ́ dí gbèsè kí ẹlòmíràn tó fọwọ́ kàn án. Nítorí náà, ìbéèrè kan ṣoṣo ni ìgbìmọ̀ ń fọkàn bi ara wọn nígbà tí wọ́n bá ń ka lẹ́tà: lẹ́yìn tí a bá ti fún un lówó yìí, ṣé ohun tó kù lọ́wọ́ wa yóò bo gbèsè rẹ̀ àti ìdúró rẹ̀?

Ẹ bá a ṣírò rẹ̀. Ìfipamọ́ méjèèjì pọ̀, ₦180,000 àti ₦105,000, ó jẹ́ ₦285,000. Ìpín ò sí nínú rẹ̀, torí a ò lè gbà á. Bó bá gba ₦85,000, torí ìtanràn yóò jáde lára rẹ̀ kí ₦80,000 tó pé bí a ó ṣe rí i níwájú, ₦200,000 ni yóò kù. Gbèsè tirẹ̀ jẹ́ ₦90,000. Bí ìwé òfin bá sọ pé àwọn onídùúró méjì pín gbèsè sí méjì, ìdajì tirẹ̀ jẹ́ ₦60,000, àpapọ̀ ẹrù tó wà lọ́rùn rẹ̀ sì jẹ́ ₦150,000. Ó kọjá dáadáa, ₦50,000 ṣẹ́kù.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra níbí. Ẹgbẹ́ púpọ̀ ni fọ́ọ̀mù ẹ̀yáwó wọn sọ pé onídùúró kọ̀ọ̀kan dúró fún gbogbo gbèsè, kì í ṣe fún ìdajì. Bí ẹni tó yá owó bá sá lọ, tí onídùúró kejì náà kò sì ní nǹkan lọ́wọ́, ẹni tó kù ni yóò san gbogbo rẹ̀. Lójú irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹrù obìnrin yìí jẹ́ ₦90,000 àti ₦120,000, ìyẹn ₦210,000, owó tí yóò kù lọ́wọ́ ẹgbẹ́ sì jẹ́ ₦200,000. ₦10,000 péré ló fi dín, ìyẹn sì tó fún ìgbìmọ̀ láti kọ̀. Àwọn èèyàn máa ń bínú nígbà tí èyí bá ṣẹlẹ̀, wọ́n á ní akọ̀wé ni kò fẹ́ràn àwọn. Ó dára kéèyàn wá fọ́ọ̀mù tó fọwọ́ sí nígbà ìdúró, kó tún un kà. Bí ẹ̀dà rẹ̀ ò bá sí lọ́wọ́ yín, akọ̀wé ní i nínú fáìlì ẹni tó yá owó.

Bí ọ̀rọ̀ bá rí bẹ́ẹ̀, ọ̀nà tó rọrùn jù ni kéèyàn dúró de ìpàdé kan. Ní ìpàdé oṣù kẹjọ, òun fúnra rẹ̀ yóò san ₦15,000, gbèsè rẹ̀ á di ₦75,000. Bí ẹni tó dúró fún náà bá san ₦15,000 tirẹ̀, tiẹ̀ á di ₦105,000. Ẹrù ti di ₦180,000 nìyẹn, ₦200,000 tó kù sì ti bò ó. Nítorí náà, kí ó rí i pé ẹni tó dúró fún san owó tirẹ̀ ní ìpàdé náà, kó sì ní kí ìgbìmọ̀ ṣírò rẹ̀ lẹ́yìn tí owó bá ti wọlé. Ọ̀nà kejì ni kó wá onídùúró tuntun tí yóò gba ipò rẹ̀. Èyí pẹ́, torí onídùúró tuntun gbọ́dọ̀ ní ìfipamọ́ tó tó, kì í sì í ṣe ohun tí ènìyàn méjì máa ń ṣe ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Ìgbìmọ̀ ní láti gbà á, kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú mínítì.

Ṣé kì í ṣe ẹ̀yáwó ló yẹ kó gbà dípò gbígba ìfipamọ́? Ìbéèrè náà tọ́, ìgbìmọ̀ náà yóò sì bi í. Ká ní òfin ẹgbẹ́ sọ pé ẹni tó bá gba ìfipamọ́ àdéhùn ṣáájú ọjọ́ yóò san ₦5 lórí ₦100 kọ̀ọ̀kan tó bá gbà, yóò sì pàdánù èlé òpin ọdún, tí ó jẹ́ ₦5 lórí ₦100. Bó bá san owó náà dé oṣù kejìlá, ₦180,000 yóò mú ₦9,000 wá. Bó bá gbà á báyìí, ₦9,000 yẹn lọ, ìtanràn sì tún wà lórí rẹ̀. Bó bá yá ₦80,000 fún oṣù márùn-ún, tí èlé sì jẹ́ ₦1 lórí ₦100 lóṣù, ₦4,000 ni gbogbo èlé tí yóò san. Ẹ̀yáwó dín ní ìnáwó, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀.

Àmọ́ owó tí yóò máa jáde lóṣooṣù ni kí ó wò. Ẹ̀yáwó tuntun yóò gba ₦16,800 lóṣù, gbèsè àtijọ́ ₦15,000, ìfipamọ́ àdéhùn ₦15,000. ₦46,800 nìyẹn, yàtọ̀ sí ìfipamọ́ oṣooṣù. Oníṣòwò aṣọ tí ọjà rẹ̀ kì í yá títí di ìgbà ọdún kò lè ṣèlérí bẹ́ẹ̀ láàárín oṣù kẹjọ sí oṣù kẹwàá. Bó bá kùnà lẹ́ẹ̀mejì, ìtanràn àìsan yóò jẹ iye tó fẹ́ tọ́jú. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ẹgbẹ́ púpọ̀ ni kì í fúnni ní ẹ̀yáwó kejì kí ti àkọ́kọ́ tó parí. Lójú tèmi, ẹni tí owó ń wọlé fún lóṣooṣù láìyẹ̀, bí òṣìṣẹ́ ìjọba, kó gba ẹ̀yáwó. Ẹni tí owó rẹ̀ ń wọlé ní ìgbà ọjà tàbí ìgbà kòkó, kó gba ìfipamọ́ rẹ̀, kó fara mọ́ ìtanràn.

Nípa iye tí a óò béèrè, àṣìṣe kan wà tó wọ́pọ̀ gan-an. Ó nílò ₦80,000, ó sì kọ ₦80,000 sínú lẹ́tà. Wọ́n gbà fún un, wọ́n yọ ₦4,000, wọ́n fún un ní ₦76,000, owó ìsọ̀ kò pé. Ó tún ní láti lọ yá ₦4,000 níbòmíràn. Iye tó yẹ kó béèrè ni ₦85,000: ìtanràn ₦4,250 á jáde, ₦80,750 á tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, ₦20,000 á sì kù nínú àdéhùn náà. Ó dára kéèyàn má kó gbogbo rẹ̀ tán bí òfin bá gbà á láyè, nítorí apá kan ni ìtanràn yóò bọ́ lé, nítorí náà kò ní pọ̀, ìgbìmọ̀ á sì rí i pé kì í ṣe pé ó ń sá lọ.

Ó tún kù kí a mọ̀ bóyá ìwé wa àti ìwé wọn bára mu. Kí ẹ tó kọ iye kankan, ẹ gbé pásíbúùkù lọ sọ́dọ̀ akọ̀wé, kí ẹ jọ wo lẹ́jà ní oṣù kọ̀ọ̀kan. Ibi tí wàhálà ti sábà ń bẹ̀rẹ̀ ni oṣù tí a rán ọmọ lọ san owó, tàbí tí a fi tiransífà san án láìkọ nọ́ńbà ọmọ ẹgbẹ́ sí i. Owó náà ti wọ báńkì, ṣùgbọ́n akápò ò mọ ẹni tó ni ín, ó sì wà láàárín owó tí kò ní orúkọ. Àmì rẹ̀ ni pé ìyàtọ̀ tí ẹ bá rí á jẹ́ iye owó oṣù kan gan-an, ₦15,000 tàbí ₦30,000. Ẹ mú ẹ̀rí tiransífà náà wá, kí wọ́n tún un ṣe, kí ẹ tó kọ lẹ́tà. Bí lẹ́tà bá sọ ₦105,000, tí lẹ́jà sì sọ ₦90,000, ọ̀rọ̀ ìyàtọ̀ yẹn ni ìgbìmọ̀ yóò fi gbogbo ìpàdé sọ, ìbéèrè yín á sì di oṣù tó ń bọ̀.

Lẹ́tà náà nìyí, bí mo ṣe rò pé ó yẹ kó rí. Ẹgbẹ́ tó ń fi Yorùbá ṣe ìpàdé yóò gba lẹ́tà Yorùbá láìjanpata. Bí òfin bá ní kí a fúnni ní ìkìlọ̀ ọgbọ̀n ọjọ́, ẹ kà á láti ọjọ́ tí akọ̀wé gba lẹ́tà, kì í ṣe ọjọ́ tí ẹ kọ ọ́.

Ìsọ̀ 14, Ọjà Ọba,
Àkúrẹ́.
Ọjọ́ 21, oṣù keje, 2025.

Alága àti Ìgbìmọ̀ Alákòóso,
Ẹgbẹ́ Alájẹṣẹ́kù (orúkọ ẹgbẹ́),
nípasẹ̀ Akọ̀wé,
Àkúrẹ́.

Ẹ̀yin àgbà wa,

Ìbéèrè láti gba ₦85,000 nínú ìfipamọ́ àdéhùn mi ṣáájú oṣù kejìlá. Ọmọ ẹgbẹ́ nọ́ńbà 47.

Mo kí ìgbìmọ̀. Mo ń béèrè pé kí ẹ gbà mí láyè láti gba ₦85,000 nínú ₦105,000 tí mo ti san sí ìfipamọ́ àdéhùn mi láti oṣù kìíní sí oṣù keje ọdún yìí. Èmi àti akọ̀wé ti jọ wo pásíbúùkù mi àti lẹ́jà, iye náà sì bára mu.

Owó ìsọ̀ mi yóò pé ní ọjọ́ 31, oṣù kẹjọ. Mo so ẹ̀dà ìwé tí onílé fún mi mọ́ lẹ́tà yìí.

Mo mọ̀ pé òfin wa ní kí a yọ ₦5 lórí ₦100 kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ₦4,250, àti pé n kò ní gba èlé òpin ọdún lórí àdéhùn yìí. Mo fara mọ́ méjèèjì.

Gbèsè mi ku ₦90,000, mi ò sì kùnà láti san án ní oṣù kankan. Mo dúró fún ọmọ ẹgbẹ́ nọ́ńbà 31, tí gbèsè rẹ̀ ku ₦120,000. Lẹ́yìn tí a bá ti san ti oṣù kẹjọ ní ìpàdé ọjọ́ 9, gbèsè méjèèjì yóò di ₦180,000. Ìfipamọ́ mi tí yóò kù lọ́wọ́ ẹgbẹ́ jẹ́ ₦200,000.

Mo fẹ́ kí ₦20,000 tó kù wà nínú àdéhùn náà títí di oṣù kejìlá. N kò ní lè san ₦15,000 sí i mọ́ láti oṣù kẹjọ, ṣùgbọ́n ìfipamọ́ oṣooṣù mi àti owó gbèsè mi kò ní yẹ̀. N kò kúrò nínú ẹgbẹ́.

Mo bẹ̀bẹ̀ pé kí owó náà tẹ̀ mí lọ́wọ́ láàárín ọjọ́ 20 sí ọjọ́ 29, oṣù kẹjọ. Bí owó tó wà nílẹ̀ kò bá tó lẹ́ẹ̀kan, mo lè gba ₦45,000 nígbà náà, kí n gba ìyókù lẹ́yìn ìpàdé oṣù kẹsàn-án.

Èmi ni tiyín nínú ẹgbẹ́,
(ìfọwọ́sí àti orúkọ)

Gbólóhùn tó kúrú jù níbẹ̀, “N kò kúrò nínú ẹgbẹ́”, ló ń gba èèyàn lọ́wọ́ wàhálà jù. Ẹni tó bá kọ pé “mo fẹ́ gba gbogbo owó mi”, ìgbìmọ̀ lè kà á sí pé ó fi ẹgbẹ́ sílẹ̀. Ọ̀nà tí ẹni tó ń lọ ń gbà kì í ṣe ọ̀nà kan náà: ìkìlọ̀ rẹ̀ máa ń gùn, wọ́n á kọ́kọ́ yọ gbogbo gbèsè, wọ́n á dúró kí gbogbo ìdúró rẹ̀ tú, ìpín rẹ̀ sì lè dúró di ìpàdé gbogboogbò ọdọọdún. Ẹni tó fẹ́ ₦85,000 ní oṣù kẹjọ lè máa retí rẹ̀ títí di ọdún tó ń bọ̀ nítorí ọ̀rọ̀ kan.

Ẹ tún wo bí ìdí tó fi fẹ́ owó ṣe kúrú. Ìlà kan ni, pẹ̀lú ìwé tó jẹ́rìí sí i. Àwọn kan máa ń kọ ojú ìwé méjì nípa àìsàn ọkọ, ọmọ ilé ìwé, àti bí ọjà ṣe bàjẹ́. Ojú àánú wà lára ìgbìmọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìpàdé ń ka lẹ́tà sókè, gbogbo ọjà á sì ti gbọ́ kí alẹ́ tó lẹ́. Bí ìdí náà bá jẹ́ ti ilé ìwòsàn, ẹ fi ìwé owó ilé ìwòsàn sínú àpòòwé, kí ẹ kọ “ìtọ́jú ìlera” sínú lẹ́tà, ó tó.

Àbá pé a lè san án lẹ́ẹ̀mejì kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀yẹ. Nígbà tí akápò bá ka ìròyìn rẹ̀ ní ìpàdé, ẹ tẹ́tí sí iye méjì: èyí tó wà ní báńkì, àti èyí tó wà lóde gẹ́gẹ́ bí ẹ̀yáwó. Ká ní ìfipamọ́ gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ jẹ́ mílíọ̀nù mẹ́sàn-án náírà, tí ₦8,200,000 sì wà lóde. ₦800,000 ló kù nílé. Bí àwọn tó ti kọ orúkọ fún ẹ̀yáwó oṣù yẹn bá ń retí ₦750,000, ₦50,000 ni ìgbìmọ̀ lè fọwọ́ kàn láìda ètò rú. Ẹni tó ní “ẹ fún mi ní ₦80,750 lẹ́ẹ̀kan” ti fún wọn ní ìdí láti kọ̀. Ẹni tó ní ₦45,000 ti fún wọn ní ohun tí wọ́n lè ṣe.

Ìgbà tí a kọ lẹ́tà sì ń da ìṣirò yìí rú tàbí kó tún un ṣe. Oṣù kẹsàn-án ló le jù nínú ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́, torí owó ilé ìwé. Àpò ẹgbẹ́ á gbẹ. Ní ìlú Oǹdó àti àwọn abúlé tó yí i ká, níbi tí àwọn àgbẹ̀ kòkó pọ̀ sí nínú ẹgbẹ́, owó gbèsè máa ń padà wálé nígbà tí kòkó bá jáde, láàárín oṣù kẹwàá sí oṣù kejìlá. Ẹni tó lè dúró di oṣù kọkànlá yóò rí i pé lẹ́tà kan náà tí wọ́n kọ̀ ní oṣù kẹsàn-án ni wọ́n gbà láìjiyàn.

Ẹ̀dà méjì ni kí ẹ kọ. Kí akọ̀wé fọwọ́ sí ẹ̀dà tiyín, kó kọ ọjọ́ tó gbà á. Kó dé ọwọ́ rẹ̀ ó kéré tán ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú ìpàdé ìgbìmọ̀, torí ọ̀pọ̀ akọ̀wé máa ń to ètò ìpàdé sílẹ̀ kó tó di ọjọ́ náà. Kò burú kí ẹ lọ kí alága nílé, pàápàá bó bá jẹ́ ẹ̀gbọ́n tàbí ẹni tí ẹ jọ ń gbé àdúgbò, ṣùgbọ́n “kò sí wàhálà, a ó fún ọ” tó sọ fún yín ní ìloro rẹ̀ kì í ṣe ìpinnu. Ìpinnu ni ohun tó wà nínú mínítì. Ẹni méjì tàbí mẹ́ta ló ń fọwọ́ sí ṣẹ́ẹ̀kì ẹgbẹ́, akápò kò sì gbọdọ̀ kọ ọ́ láìrí mínítì. Alága tó bá ní kí akápò san án ná, ká tó kọ ọ́ sílẹ̀, ń fi akápò sínú ewu lọ́wọ́ àwọn olùyẹ̀wé-owó-wò. Nítorí náà, bí ìpàdé bá ti parí, ẹ béèrè lọ́wọ́ akọ̀wé ọjọ́ ìpàdé náà àti ohun tí wọ́n kọ, kí ẹ kọ ọ́ sẹ́yìn ẹ̀dà lẹ́tà yín.

Bí ìpàdé méjì bá kọjá láìsí èsì, ẹ kọ lẹ́tà kejì, kó kúrú, kó tọ́ka sí ọjọ́ tí wọ́n gba ti àkọ́kọ́, kó sì béèrè pé kí wọ́n fi ìdí tí wọ́n fi kọ̀ ránṣẹ́ ní kíkọ. Ìdí tó bá wà lórí ìwé ṣeé tún ṣe: ìdúró ṣeé tú, gbèsè ṣeé dín kù, oṣù ṣeé dúró dè. Bí wọn ò bá tún fèsì, òṣìṣẹ́ ìjọba wà tó ń bójú tó àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ní agbègbè kọ̀ọ̀kan, tó ń yẹ ìwé wọn wò. Òfin sì fàyè sílẹ̀ pé kí a gbé àríyànjiyàn láàárín ẹgbẹ́ àti ọmọ ẹgbẹ́ lọ síwájú ọ̀gá àwọn òṣìṣẹ́ náà ní ìpínlẹ̀. Ní Àkúrẹ́, Alágbàká ni ọ́fíìsì àwọn iléeṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ wà. Ẹ kó ẹ̀dà lẹ́tà méjèèjì, pásíbúùkù, àti ìwé òfin ẹgbẹ́ dání. Ẹgbẹ́ tí kò forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba kò sí lábẹ́ ọ́fíìsì yìí, kì í sì í ṣe ìgbà tí owó bá há ló yẹ kéèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ìyẹn.

Lọ́jọ́ tí owó bá jáde, ẹ wo pásíbúùkù kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé ìgbowó. Ìlà méjì ló yẹ kó wà níbẹ̀: ₦80,750 tí a san fún yín, àti ₦4,250 ìtanràn. Àwọn akọ̀wé kan máa ń kọ ₦85,000 lápapọ̀ sí ìlà kan, wọ́n á sì gbàgbé láti kọ ìtanràn sínú owó tó wọlé fún ẹgbẹ́. Nígbà tí àwọn olùyẹ̀wé-owó-wò bá dé, á dà bíi pé ₦85,000 lẹ gbà lọ́wọ́, wọ́n á sì wá bi yín léèrè ₦4,250 tí ẹ kò rí rí. Iye tó kù nínú àdéhùn gbọ́dọ̀ jẹ́ ₦20,000, kó wà ní ojú ìwé tirẹ̀, kì í ṣe kí wọ́n dà á mọ́ ìfipamọ́ oṣooṣù.

Fún òṣìṣẹ́ tí wọ́n ń yọ owó rẹ̀ láti orí owó oṣù, nǹkan kan kù. Bí ìgbìmọ̀ bá gbà pé kó dá ìfipamọ́ àdéhùn dúró, ìyẹn kò dá àyọkúrò dúró níbi iṣẹ́. Akọ̀wé ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ fi orúkọ rẹ̀ àti iye tuntun ránṣẹ́ sí àwọn tó ń ṣètò owó oṣù kí wọ́n tó ti ìwé oṣù náà. Bí ó bá pẹ́ ju bẹ́ẹ̀, wọ́n á tún yọ ₦15,000, á sì di owó tó tún há sínú àdéhùn tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú rẹ̀. Ẹ bá akọ̀wé sọ ọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n gba lẹ́tà yín gan-an, kí ẹ sì wo ìwé owó oṣù méjì tó tẹ̀ lé e.